Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Ọ̀rọ̀ Tó Yí Padà Sẹ́yìn Tàbí Tó Lọ Láti Igun Sí Igun

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Bí ọlidé bá ti dé ní Adó-Èkìtì báyìí, àwọn òbí á ra ìwé eré wíwá ọ̀rọ̀ fún ọmọ wọn. Ọmọ á ṣe ojú ìwé méjì, á kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láti ẹ̀yìn, á ní àwọn tó ṣe ìwé ti gbàgbé láti fi í sínú rẹ̀. Bàbá á tún lọ ra ìwé mìíràn. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń fi owó ra ìrànwọ́ lórí fóònù kí ó lè tọ́ka lẹ́tà kan ṣoṣo fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ o! Ọ̀nà tí ẹ ń gbà wá a ni kò dáa. Èmi ni mo máa ń ya àpótí lẹ́tà fún àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí lọ́dọọdún.

Ẹ wo èyí tí mo yà yìí. Ilé méje ló wà níbùú, méje lóròó. Orúkọ ìlú Èkìtì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ARAMỌKỌ, IGBẸMỌ, IJERO àti ẸMURE. Mi ò fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n mo fi àmì ìsàlẹ̀ sí i.

```
L O R E J I Ọ
Ọ T B A D K S
K M U D Ọ F E
U F Ẹ M L A R
T Ọ A B S K U
D R I L G O M
A G U K T I Ẹ
```

Èkínní: ẹ má fi lẹ́tà àkọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀. Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Púpọ̀ nínú orúkọ ìlú wa ló jẹ́ pé fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ wọn, fáwẹ̀lì ló sì parí wọn: Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó, Ayédé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, Yorùbá ló ṣì máa ń jọ. ARAMỌKỌ di ỌKỌMARA. ẸMURE di ERUMẸ. IJERO di OREJI. Èwo ló ṣàjèjì sí etí nínú wọn? Ẹni tó bá ń retí kí ọ̀rọ̀ tó yí padà rí rádaràda kí ojú òun tó lè mú un, ojú rẹ̀ á kọjá lórí OREJI ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an, kò sì ní dúró.

Konsonántì tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ wá. Nínú IJERO, J ni. J kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo àpótí yìí. Ẹ wo ọ̀tún rẹ̀, I ni. Ẹ wo òsì rẹ̀, E ni. I gbọ́dọ̀ ṣáájú J, E gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí náà ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí òsì. Ó parí.

IGBẸMỌ le ju ìyẹn lọ, òun ni mo sì ń rí tí àwọn ènìyàn ń sọ bírò sílẹ̀ lé lórí. I mẹ́ta ló wà níbí. Ẹni tó bá ń ti ara I wá a yóò rí I ní ìlà kẹfà, yóò rí G ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, inú rẹ̀ á dùn, á sì fi bírò yí i ká lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tó kẹ́yìn ni G yẹn wà. Láti ibẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ń bá ọ̀nà kan náà lọ, ìta àpótí ló ń lọ. Ibo ni lẹ́tà mẹ́rin tó kù yóò dúró sí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara G. Méjì péré ni. Ti ìlà tó kẹ́yìn kò ní B kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ti ìlà kẹfà, ilé karùn-ún, ní B lókè lápá òsì. Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ wo ìhà kejì tó kọjú sí B yẹn tààrà, ìyẹn ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: I ló wà níbẹ̀. I, G, B ti tò sórí ìlà kan. Ẹ máa gòkè lọ sápá òsì, ẹ ó bá Ẹ, M, Ọ. Ọ̀rọ̀ náà lọ láti igun sí igun, ó sì tún kọ ẹ̀yìn sí wa, síbẹ̀ G méjì péré la yẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà nípa GB. Nínú Yorùbá, lẹ́tà kan ni, àwọn kan sì máa ń fi í sínú ilé kan ṣoṣo. Ilé méjì ni èmi pín in sí. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí IGBẸMỌ lè gba ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà. Níbi tí wọ́n bá ti pín in sí méjì, ẹ máa ṣọ́ BG. B kì í ṣáájú G nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí ẹ bá kà á lókè sísàlẹ̀ tí ẹ rí BG, ẹ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ kan ti ìsàlẹ̀ ń bọ̀ wá sókè níbẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì: àìka iye lẹ́tà. Ìlà tó lọ láti igun sí igun nínú àpótí méje-méje jẹ́ 26, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kúrú. Lẹ́tà méje ni ARAMỌKỌ ní. Méjì péré nínú 26 yẹn ló gùn tó o, ìyẹn àwọn tó ti igun kan dé igun kejì. Èyí tó ti òkè lápá òsì bọ̀, L ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ pa á tì. Èkejì ní A ní ìsàlẹ̀ lápá òsì àti Ọ ní òkè lápá ọ̀tún. Ẹ kà á gòkè, òun náà nìyẹn. Kí ló wá dé tí ènìyàn fi ń wo gbogbo A tó wà nínú bébà?

Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ kọrọ láàárín. Gbọnrangandan ló ń lọ.

Ẹ má pa lẹ́tà tí ẹ ti lò rẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ní in.

Ẹ má fi ojú lásán tọ ìlà tó dà sí ẹ̀gbẹ́. Ojú á yọ̀ sí ilé kejì láìmọ̀. Ẹ gbé rúlà lé e láti igun sí igun, tàbí kí ẹ yí bébà fúnra rẹ̀ títí ìlà náà yóò fi dúró gbọọrọ níwájú yín. Àpótí tí wọ́n bá sì tẹ̀ lásán ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ẹ kọ́kọ́ dà á kọ sórí bébà onílà, nítorí I tẹ́ẹ́rẹ́, M fẹ̀, àwọn òpó kò sì ní bára wọn dọ́gba mọ́.

Ẹ sì wo lẹ́tà tí wọ́n fi dí àlàfo. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń lo ááfábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ló yà á, C, Q, V, X àti Z yóò wà níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn nínú ááfábẹ́ẹ̀tì wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ Yorùbá kò lè gba orí wọn kọjá. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí wọn, ọ̀nà púpọ̀ á ti dí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẸMURE, mo fi í sílẹ̀ fún yín. U mẹ́rin ló wà. Ẹ wá èyí tó ní M níhà kan tó sì ní R níhà kejì tó kọjú sí i tààrà. Ọ̀kan nínú wọn ní M méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tó kọjú sí M kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé bírò.