Ẹ sọ gbogbo owó di náírà kí ẹ tó ro ó pọ̀

Ẹ̀yin ará, tí owó ìdáwó ẹbí bá ń wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà àti Kútọnu, ẹ má ro ó pọ̀ bó ṣe wọlé. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di náírà ná. Àmì £ tàbí $ inú Excel, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nọ́ńbà nìkan ni SUM ń rò. £150, $120, 60,000 sẹ́fà àti ₦100,000 á di 160,270, owó tí wọn kì í ná nílùú kankan.

Ẹ kọ iye owó sí òpó B láti B2 lọ, nọ́ńbà nìkan, kí ẹ kọ iye náírà tí ẹyọ kan jẹ́ sí C. Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ ₦2,000, dọ́là ₦1,500, sẹ́fà ₦2.5. Ti náírà fúnra rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo o. Ẹ wá kọ èyí, á sọ B kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú C tirẹ̀, á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀:

```
=SUMPRODUCT(B2:B5,C2:C5)
```

₦730,000 ló máa jáde. Sẹ́fà ló máa ń da ìṣirò rú, torí àwọn tó ń pààrọ̀ owó sábà máa ń dá iye lé 1,000 rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi 1,000 pín iye yẹn kí ẹ tó kọ ọ́ sí C. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 60,000 yẹn nìkan á di ₦150,000,000, ẹbí á sì ti dolówó òjijì!

Àpapọ̀ yìí kò kọjá ọjọ́ tí ẹ mú iye pàṣípààrọ̀ yẹn, nítorí náà ẹ kọ déètì sí i. Èyí tí wọ́n bá ti ṣẹ́ sí náírà, iye tó wọ báńkì gan-an ni kí ẹ kọ sí B, kí C rẹ̀ jẹ́ 1.