Ímeèlì 40, kò sẹ́ni tó fèsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé, ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe. Lóṣù tó kọjá, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì 40 ní Wuse, Garki àti Maitama. Àkòrí rẹ̀ ni "Àbá fún Àjọṣepọ̀ Ìṣòwò". Mo wá bẹ̀rẹ̀ pé: "Mo nírètí pé ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà. Ilé iṣẹ́ wa ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC…" Ẹnì kan ò dá mi lóhùn. Ibo ni mo ti ṣì í?

Kọ́kọ́ wádìí bóyá ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Fi ímeèlì yẹn gan-an ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì méjì mìíràn tó jẹ́ tìẹ tàbí ti ìyàwó rẹ, ọ̀kan lórí Gmail, ọ̀kan lórí Yahoo. Bó bá bọ́ sínú Spam, kò sí àkòrí tó lè gbà ọ́ là. Ó sì ń ṣe mí bíi pé gbogbo ogójì lo kó sínú Bcc lẹ́ẹ̀kan náà, tí o tún so ìwé ńlá kan mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ọ̀nà lo ti kọsẹ̀. Ẹyọ kan sí ẹnì kan ni kí o máa fi ránṣẹ́, má sì so nǹkan kan mọ́ ti àkọ́kọ́.

Bó bá wọlé dáadáa, fóònù ni kí o fi wò ó, má fi kọ̀ǹpútà wò ó, nítorí fóònù ni máníjà yẹn ń yẹ̀ wò láàárín ìpàdé méjì. Kó tó ṣí i, ohun mẹ́ta péré ló ń rí: orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àkòrí, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Fóònù kì í sábà fi hàn ju bíi lẹ́tà 35 sí 40 lọ nínú àkòrí kó tó gé e. Wo tìẹ wàyí. Àkòrí rẹ kò sọ ohun tí ò ń tà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tó kàn. Ààyè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gidi wà lábẹ́ rẹ̀, "Mo nírètí pé ìwé yìí bá yín" ló gbà á. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀, ojú máníjà ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ti CAC kò burú, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè tí kò tíì bi ọ́ ni.

Orúkọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ tàbí nọ́ńbà ló ń hàn, tún un ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Gmail, wọ `See all settings`, lẹ́yìn náà `Accounts and Import`, wá `Send mail as`, kí o tẹ `edit info`. Orúkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ ni kó hàn níbẹ̀.

Jẹ́ ká mú ẹyọ kan nínú ogójì yẹn ká tún un kọ. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse ni, o sì ti débẹ̀ rí, o rí nǹkan. (Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ tìẹ ránṣẹ́, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí.)

Àkòrí: Omi ń kán lára amúlétutù ìgbàlejò yín

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wá pàdé ẹnì kan lọ́dọ̀ yín, mo rí korobá tí wọ́n gbé sábẹ́ amúlétutù tó wà lápá ọ̀tún tábìlì ìgbàlejò. Ó jọ pé eruku ọyẹ́ ló dí ọ̀pá tí omi ń gbà jáde. Iṣẹ́ títún amúlétutù ṣe ni mò ń ṣe, ní Kubwa. Ṣé kí n wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀?"

Korobá yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Máníjà mọ̀ ọ́n, ojú ń tì í nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kọ ọ́ bí kò ṣe ẹni tó débẹ̀. Ó tún lè dìde lọ wò ó, kó rí i pé òótọ́ lo sọ. Mo ní "ó jọ pé" nítorí pé o kò tíì tú ẹ̀rọ náà. Bí o bá fi ìdánilójú sọ ọ́, tí ẹni tó ń tọ́jú ilé wá mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ṣe é, ó parí. Ìbéèrè ìparí kò gba ìrònú: "ẹ máa bọ̀" tàbí "rárá". "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn" yóò jẹ́ kó máa wá àyè lórí kàlẹ́ńdà, kò sì ní wá a.

Àwọn ibi tí mi ò dé rí ńkọ́?

Má purọ́ pé o dé ibẹ̀. Wá nǹkan tí gbogbo ayé lè rí. Àwọn àlejò máa ń kọ ìráhùn sí abẹ́ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì lórí Google Maps. Bí ẹni méjì bá ní yàrá gbóná, ó tó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má dà bí ẹni tó ń bú wọn. Àsìkò náà tún lè bá ọ sọ̀rọ̀: eruku ọyẹ́ wà nínú ẹ̀rọ, ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin sì ń bọ̀. Lẹ́tà tó dé nínú oṣù kejì nídìí. Bí o kò bá rí nǹkan kan sọ nípa ibì kan, yọ orúkọ rẹ̀. Mẹ́jọ tó ṣe pàtó sàn ju ogójì lọ.

Ilé iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀ o. Tẹ lẹ́tà sórí ìwé, gbé e lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tìẹ.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi "Re:" ṣíwájú àkòrí, kí wọ́n lè rò pé a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Má dán an wò. Yóò ṣí i lóòótọ́, yóò wo ìsàlẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ títún nǹkan ṣe nínú ilé onílé kò gbọdọ̀ fi irọ́ kan ilẹ̀kùn.

Bí wọn ò bá tún fèsì, ìgbà mélòó ni kí n tún kọ?

Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀, kí o wá fèsì sórí lẹ́tà tìẹ àkọ́kọ́ kí ti tẹ́lẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Má bi í pé "ṣé ẹ rí ímeèlì mi?", ẹjọ́ nìyẹn. Fi nǹkan tuntun kan kún un: "Mo máa wà ní Wuse ní Ọjọ́rú, mo lè yà wò ó kí ooru tó mú." Má fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sán Jímọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ á ti lọ kírun, àwọn mìíràn kò sì ní padà sí ọ́fíìsì.

Bí kò bá tún sí èsì, ó lè jẹ́ pé ẹni tí o kọ ọ́ sí kọ́ ló ń bójú tó ẹ̀rọ. Pe nọ́ńbà tábìlì ìgbàlejò wọn, bèèrè orúkọ ẹni tó ń bójú tó àtúnṣe nínú ilé náà, kí o kọ lẹ́tà tuntun sí ẹni yẹn.