VLOOKUP dójú tì mí ní ìntáfíù kejì: bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó tẹ̀ lé e

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí ò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ ló gba oorun òru kan lọ́wọ́ mi, ló tún gba ₦4,200 tí mi ò fi sínú ìṣirò kankan, dátà ni o, epo jẹnẹrétọ̀ ni o, owó kẹ̀kẹ́ àlọ àtàbọ̀ sí Àsẹ̀rò tí mo ti lọ yá láptọ́ọ̀pù ni o. Gbogbo ẹ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó já bọ́ lẹ́nu mi níwájú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò: "díẹ̀".

Iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ lápá Ìbarà níbí l'Abẹ́òkúta. Ìntáfíù àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìkejì bọ́ sí ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́wàá, bàbá kan àti màmá tó jẹ́ mánéjà sítọ́ọ̀ ló jókòó. A sọ̀rọ̀ títí, màmá yẹn tiẹ̀ ṣàlàyé fún mi bí àpò oúnjẹ ṣe máa ń bu mọ́ ilẹ̀ lásìkò òjò tí wọn ò bá gbé pákó sábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí mo ti rí i rí ní sọ́ọ̀bù àǹtí mi. Afi ìgbà tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù síwájú mi. Fáìlì Excel kan, ṣíìtì méjì: ọ̀kan ní ìlà 312, kọ́ọ̀dù ọjà àti iye àpò tó jáde lóṣù yẹn, èkejì ní kọ́ọ̀dù àti iye owó àpò kọ̀ọ̀kan. Kí n gbé owó wá síwájú ọjà kọ̀ọ̀kan, kí n ṣírò gbogbo ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo kọ́ọ̀dù nínú ṣíìtì kan, mo ń lọ wá a nínú ìkejì, mo ń padà wá tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Ìlà 47 ni mo wà tí àsìkò fi pé. Màmá yẹn wá bi mí pé ṣé mi ò mọ VLOOKUP ni, fọ́múlà Excel tó ń bá èèyàn wá owó yẹn wá fúnra ẹ̀, mo ní "mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, mà". Díẹ̀ wo? Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí láyé mi. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n ní àwọn á pè mí.

Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn lórí fóònù. Nígbà tí mo fi dé Pánṣẹ́kẹ́ ó ti gùn bí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí kábíyèsí: ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ojú tì mí, ìdààmú ló bá mi, èèyàn tó máa ń tètè mọ nǹkan ni mí, ẹ ṣàánú mi. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn, iṣẹ́ ìgbani-síṣẹ́ ló ń ṣe, kò dá èsì padà o, ìpè ló fi ṣọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ṣé o jẹ wọ́n lówó ni? O tọrọ gáfárà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, o ò dúpẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ." Ó ní kò sẹ́ni tó máa gba "mo máa ń tètè mọ nǹkan" gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùnà, pé ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ohun tí mo ti ṣe sí i láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọ́fíìsì wọn. Ó tún ní kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, torí tí wọ́n bá ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ mi ò wúlò mọ́.

Mo wá bi í pé kí ni kí n ṣe sí "díẹ̀" tí mo sọ. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, gbólóhùn kan péré, kí n má ṣe ṣàlàyé. Ó ní tí n bá dákẹ́ tí wọ́n sì gbà mí, ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá ní kí n ṣe é ni àṣírí máa tú.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí tí mo bá máa sọ pé mo ti ṣe nǹkan sí i, mo gbọ́dọ̀ ṣe é lóòótọ́. Mo yá láptọ́ọ̀pù ọmọ ìyá mi l'Ásẹ̀rò. Àǹtí mi tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní Lafẹ́nwá fún mi ní ìwé tó fi ń kọ ọjà tó tà, mo tẹ ìlà 60 nínú ẹ̀ sínú ṣíìtì kan, mo pè é ní Oja. Iye owó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ẹni tó ń tà fún wọn, mo dà á kọ látibẹ̀ sínú ṣíìtì kejì, mo pè é ní Owo. Kọ́ọ̀dù ní kọ́lọ́ọ̀mù A, orúkọ ní B, owó ní C. Fọ́múlà náà ò le rárá, ìdajì wákàtí ni mo fi kọ́ ọ:

```
=VLOOKUP(A2,Owo!A:C,3,FALSE)
```

Á mú kọ́ọ̀dù tó wà ní A2, á lọ wá a ní kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ nínú Owo, tó bá rí i á mú ohun tó wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kẹta wá fún ọ. FALSE tó wà nídìí ẹ̀ ń sọ pé kó má mú nǹkan mìíràn àfi èyí tó bára mu gẹ́lẹ́. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, tí kọ́ọ̀dù yín ò sì tò tẹ̀ léra, ó lè fún yín ní owó ọjà ẹlòmíì láìsọ̀rọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. #N/A. Mo fà á wálẹ̀ dé ìlà 60. #N/A láti òkè dé ìsàlẹ̀! Mo yẹ fọ́múlà wò, kò sí àṣìṣe. FD-104 wà nínú Oja, FD-104 wà nínú Owo, ojú mi méjèèjì rí i, Excel ní òun ò rí i. Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án, mo lọ ra epo. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. #N/A. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí lára kéèyàn ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ lóru, kí jẹnẹrétọ̀ máa ké, kí nǹkan tí wọ́n ní kò le máa fi ọ́ ṣẹlẹ́yà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ "ẹ ṣàánú mi" yẹn.

Nígbà tó kọjá aago méjìlá ni mo fi ìbínú nu FD-104 kúrò nínú Owo tí mo sì fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ padà. Owó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yẹn. Háà. Ó túmọ̀ sí pé èyí tí mo dà kọ láti orí wẹ́ẹ̀bù ló ní nǹkan nínú tí ojú ò rí. Mo wá ọ̀nà láti ka iye lẹ́tà inú ẹ̀:

```
=LEN(A3)
```

Lẹ́tà mẹ́fà ló yẹ kó wà nínú kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á, F, D, àmì kékeré àárín, nọ́ńbà mẹ́ta. Excel ní méje. Àlàfo kan ló fara pamọ́ sídìí ẹ̀. Mo ní kò burú, TRIM ló ń yọ àlàfo, mo lò ó, mo tún kà á: méje! Ó ṣe mí bíi kí n la láptọ́ọ̀pù ọlọ́láptọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Mo wá kà á lórí fóònù pé àlàfo tó máa ń wá láti orí wẹ́ẹ̀bù sábà máa ń yàtọ̀ sí èyí tá a ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, 160 ni nọ́ńbà tiẹ̀, TRIM ò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó yọ ọ́ nìyí, mo kọ ọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣófo nínú Owo, mo fà á wálẹ̀, mo wá da èsì ẹ̀ lé A lórí, èsì nìkan o, kì í ṣe fọ́múlà:

```
=SUBSTITUTE(A2,CHAR(160),"")
```

Gbogbo ìlà 60 ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo, ìyá mi jí, wọ́n bi mí pé ṣé olè ni.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè ni mo fi ímeèlì ránṣẹ́, sí màmá yẹn gan-an, mo fi bàbá náà kún un. Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí:

"Ẹ ṣeun, mà, fún àsìkò tí ẹ fún mi lánàá. Àlàyé yín nípa pákó tí ẹ ń tẹ́ sábẹ́ àpò lásìkò òjò jẹ́ kí n mọ bí ẹ ṣe ń ṣe sítọ́ọ̀ yín.

Mo sọ fún yín pé mo mọ VLOOKUP díẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò lò ó rí. Lálẹ́ àná mo lò ó lórí ìlà 60 ọjà oúnjẹ adìẹ, mo sì yanjú ìṣòro kọ́ọ̀dù tí kò bára mu torí àlàfo tí kò hàn sójú. Mi ò tíì mọ PivotTable, ìyẹn ni mo ń kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Tí ẹ bá fẹ́, mo lè fi fáìlì náà ránṣẹ́, tàbí kí n wá ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú yín."

Ó tán. Ẹ ò rí "ẹ má bínú" kankan níbẹ̀. Gbólóhùn PivotTable yẹn, ohun tí Excel fi ń ṣe àkópọ̀ ìṣirò, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yọ ọ́, pé ta ló bi mí. Mo fi í sílẹ̀, torí wọ́n dárúkọ ẹ̀ nínú ìpolówó iṣẹ́ náà, mi ò sì fẹ́ "díẹ̀" kejì lọ́rùn mi. Ibi tí mo ti gbà pé mo ṣàṣejù ni pé mo dúró de fọ́múlà kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ká ní àlàfo yẹn ò yanjú ńkọ́? Mi ò bá máa kọjá àsìkò lórí ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí mi, màá dúpẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màá sọ pé mo ti bẹ̀rẹ̀, màá wá fi fáìlì ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Fúráìdeè ni wọ́n dáhùn, ìlà kan: kí n wá ní Mọ́ńdè, kí n mú fáìlì náà dání. Mo lọ. Màmá ṣí i, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá tẹ FD-104 sí ìsàlẹ̀ Owo lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú owó mìíràn, wọ́n ní èwo ni fọ́múlà mi máa mú báyìí. Mo ní àkọ́kọ́ tó bá bá lókè ni, mà, kò ní dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi. Mo ní àǹtí mi ló rí i pé kọ́ọ̀dù kan wà lẹ́ẹ̀mejì nínú Owo tí mo dà kọ, òun ló jẹ́ kí n mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kí àǹtí mi.

Òní ni Tọ́sìdeè. Wọn ò tíì pè, ọmọ ìyá mi sì ti ránṣẹ́ wá gba láptọ́ọ̀pù ẹ̀, pẹ̀lú ẹjọ́ pé ta ló jó ṣájà òun.