Bí Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Lè Tẹ̀wọ̀n Sí I: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Ọmọ

Baba kan tó ń ṣe oko kòkó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìkórè. Ẹ̀yìn ni ọmọ náà ń gbá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń gbá iwájú bá ti fi èjìká kàn án, ilẹ̀ ló ń lọ bí igi ìbẹ́pẹ tí afẹ́fẹ́ dà. Kílò 58 ló wọ̀n. Baba ti ra agolo páúdà purotéènì kan fún un, owó rẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Ọmọ náà tún ń fọ́ ẹyin tútù mẹ́rin mu láràárọ̀. Oṣù méjì kọjá, kílò 58 náà ni.

A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ páúdà rárá. A ní kó ka gbogbo ohun tó jẹ lánàá fún wa. Ó mu ẹyin tútù rẹ̀ ní aago mẹ́fà, ó lọ sí ilé ìwé. Kò fẹnu kan nǹkan mìíràn títí di ọ̀sán, tó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà díẹ̀. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ó wà lórí pápá. Alẹ́ ló tó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹja bíńtín. Lọ́jọ́ Sátidé, oko ló ń bá baba rẹ̀ lọ. Páúdà náà kò ṣe é ní ibi kankan. Oúnjẹ ni kò tó.

Búlọ́ọ̀kù àti owó bíríkìlà

Purotéènì, tí wọ́n ń pè ní èròjà amáradàgbà nílé ìwé, ni búlọ́ọ̀kù tí ara fi ń mọ iṣan. Okun tó wà nínú gàrí, iṣu, ìrẹsì, epo àti ẹ̀pà ni owó tí a fi ń san bíríkìlà. Bí búlọ́ọ̀kù bá kún ilẹ̀ tí owó bíríkìlà kò sí, ilé kò lè ga. Èyí tó burú jù ni pé ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun búlọ́ọ̀kù náà bí igi ìdáná kó lè rí okun lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí purotéènì olówó ńlá yẹn nìyẹn.

Kálórì la fi ń wọn okun inú oúnjẹ. Ọmọ tó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ pọ̀ sí i nílò nǹkan bíi kálórì 300 sí 500 lójúmọ́ lé lórí èyí tó ń gbé e dúró báyìí. Ẹ kò ní láti mọ iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó ń jẹ ló ń gbé e dúró. Ẹ kàn fi kún un.

Àṣìṣe tí a sábà ń rí ni pé ìyá yóò bu ẹ̀bà kún ẹ̀bà. Omi pọ̀ nínú ẹ̀bà, ikùn á ti kún kí okun tó tó, ọmọ á sì lọ sí pápá pẹ̀lú ikùn tó wú. Oúnjẹ tí okun rẹ̀ pọ̀ ní àyè kékeré ni ká fi kún un. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tí a dà sórí ẹ̀wà ní nǹkan bíi kálórì 120. Ẹ̀pà yíyan gíráàmù 30, tó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, ní bíi 170. Mílíìkì páúdà gíráàmù 30 ní bíi 150.

Ohun tí a ṣe fún ọmọ yìí kò ju èyí lọ: kó tó kúrò nílé láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á po ẹ̀kọ mímu fún un, á da mílíìkì páúdà gíráàmù 30 sí i, á sì fún un ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan. Èyí ti lé ní kálórì 400. Ohun mímu kì í tètè yóni bí òkèlè, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ fi wúlò fún ọmọ tí kò lè jẹun púpọ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò bá rówó mílíìkì lè lo ìyẹ̀fun sóyà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yan sóyà náà tàbí kí wọ́n sè é dáadáa kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù ní èròjà kan tó ń dí ara lọ́wọ́ láti lo purotéènì, ó sì máa ń ba inú jẹ́.

Purotéènì mélòó ló tó?

Fún ẹni tó ń gbé ohun wúwo láti fi kọ́ iṣan, gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lójúmọ́ ló tó. Bí a bá kọjá ibẹ̀, èrè tó ń tìdí rẹ̀ jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ ní náwó sí. Fún kílò 58, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 93. Ẹ wò ó bí ilé àgbẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ láìra agolo.

Ẹ̀wà gíráàmù 100, kí a tó sè é, ní purotéènì 23. Agolo mílíìkì kékeré tí kò kún dé ẹnu ni ẹ̀wà yẹn. Ẹyin mẹ́ta ní 18. Ẹ̀pà àárọ̀ ní 8, mílíìkì ní 8. Ẹja gíráàmù 100 nínú ọbẹ̀ alẹ́ ní bíi 22. Ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti ẹ̀kọ yóò mú bíi 15 wá láàárín ara wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 94. Purotéènì inú òṣùwọ̀n kan páúdà olówó ńlá náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ, ìyẹn ẹyin mẹ́rin. Bí baba bá ní adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ẹyin mẹ́rin kì í ṣe wàhálà.

Kí ó pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ dára ju kó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Níbí ni ilé wa ti máa ń kọsẹ̀. Ẹran ńlá ti àgbà ni, ọmọ á máa fi omi ọbẹ̀ jẹun. Àwọn kan ṣì gbà pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin yóò di olè. Èmi fúnra mi dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń ka ẹyin lójú adìyẹ, kò sì sí èyí tó dé àwo mi.

Ẹyin tútù ńkọ́? Àwọn olùwádìí ní Bẹ́líjíọ̀mù wọ̀n ọ́n ní 1998: nínú purotéènì ẹyin sísè, ara lo bíi 90 nínú 100, nínú ti tútù, bíi 50 péré. Ìdajì ẹyin tí ọmọ yìí ń mu láràárọ̀ ló ń ṣòfò. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é.

Ibi tí purotéènì tó pọ̀ jù ń lọ rọrùn láti sọ: ara yóò sun ún, tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rá, èyí tó kù á bá ìtọ̀ lọ. Kì í ba kíndìnrín tó dá ṣáká jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn, àti ọmọ tó jẹ́ sìkúlà, nítorí àìsàn yẹn máa ń kan kíndìnrín, kò gbọdọ̀ fi kún purotéènì rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Ìwọ̀n, okùn, àti ohun tí wọ́n ń sọ

Kí ọmọ gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Kí ìwọ̀n wà lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Kí ẹ tún fi okùn yí ìdodo rẹ̀ po, kí ẹ ta kókó sí ibi tó dé. Kílò 0.25 sí 0.5 lọ́sẹ̀ ló dára. Bí ó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kókó okùn kò sì pàdé mọ́, ọ̀rá ló ń kó, kí wọ́n dín àfikún náà kù.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ọmọ yìí fi kílò 1.1 lé, baba rẹ̀ sì pè mí lórí fóònù bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Mo ní kó fara balẹ̀. Oúnjẹ inú ìfun àti omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà sí 58.6, inú baba bàjẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ibà mú un, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 58.9, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ló dé kílò 62, kókó okùn kò sì sún ju ìwọ̀n ìka kan lọ.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ṣe é. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń gbé àpò tí a di iyanrìn sí sí èjìká, ó ń lóṣòó, ó ń dìde, ó sì ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè nílẹ̀. Bó bá ti rọrùn fún un láti ṣe é ní ìgbà 12, a ń fi iyanrìn kún àpò náà. Láìsí ẹrù tó ń wúwo sí i, ikùn ni àfikún oúnjẹ ń lọ. Gbígbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ kò rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rà

Omi oògùn amúnijẹun tí wọ́n ń tà ní ọjà sábà máa ń jẹ́ oògùn ara yíyún tó ń mú ebi pani. Oorun ló máa ń kó bá ọmọ, orí rẹ̀ á wúwo nílé ìwé àti lórí pápá. Dẹ́sámẹ́tásónì, èyí tí àwọn kan ń lò kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè yọ, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi àti ọ̀rá ló ń fi sí ojú, iṣan gan-an ló ń jẹ run. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kó má dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí ara rẹ̀ lè dákú. Abẹ́rẹ́ akọ́nilágbára tí àwọn kan ń gbà ní jímù lè mú kí egungun ọmọ dẹ́kun gígùn kó tó ga tán. Kíríátììnì, páúdà tí àwọn eléré ìdárayá ń lò kí agbára iṣan wọn lè pọ̀ sí i, kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Ọmọ ọdún 13 tí ohùn rẹ̀ kò tíì yí kò lè ní iṣan bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti wù kó jẹun tó. Ẹ jẹ́ kó bàlágà ná. Bí ọmọ bá ń jẹun dáadáa tó ń rù sí i, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó ń tọ̀ ṣáá, tàbí tó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọmọbìnrin tó ń ṣeré ìdárayá tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dáwọ́ dúró náà kan ibẹ̀. Àìjẹun tó ló sábà máa ń fà á.

Nígbà tí ọmọ bá dé ìwọ̀n tó fẹ́, ẹ má gba ẹ̀kọ àárọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara kílò 62 ń jẹ ju ara kílò 58 lọ. Ìyá ọmọ yìí dá a dúró nígbà ìsinmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó fi padà sí 60.8.