Bí mo ṣe gé ìròyìn owó àtijọ́ kúrú fún ẹgbẹ́ wa ní Bódìjà, lẹ́yìn tí àkékúrú ẹlòmíràn ti kó bá mi

Owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi lóṣù Kejì ọdún 2023 tó ra àpò ìrẹsì mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí ìlà kan péré tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́ wa: "Ilé-ẹjọ́ ti ní owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná." Kò sọ ilé-ẹjọ́ wo. Kò sọ ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọjọ́ tí àṣẹ náà máa dúró dé. Gbogbo wa ní Bódìjà kà á, a sì ṣí ọwọ́ gba owó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìròyìn tí wọ́n ti yọ ìlà yẹn kì í ṣe irọ́. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù Kejì, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ má tíì mú gbèdéke ọjọ́ 10 tí wọ́n dá fún owó àtijọ́ ṣẹ, títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ 15. Àṣẹ ìdádúró ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó gé e kúrú gé "títí" kúrò níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù wá dà bí ìdájọ́ tó ti parí. Nígbà tó di ọjọ́ 16, Ààrẹ Buhari bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé igba náírà nìkan ni owó àtijọ́ tí a ó máa ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Báńkì tí mo ń lò kò gba tèmi mọ́. Mo bínú débi pé mo sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni kí wọ́n máa fi ìròyìn tó bá kan owó ránṣẹ́ sí, màá ka gbogbo rẹ̀, màá sì kọ ọ́ ní ìlà mélòó kan tí kò ní mú ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè.

Àyè rẹ̀ yọ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ náà gan-an. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi rí ìròyìn tó gùn lórí fóònù rẹ̀, ó sì kà á fún mi nígbà tí a ti pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kíkà kò ní wàhálà. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìbéèrè márùn-ún ló wà: ta ni, kí ló ṣe, nígbà wo, níbo, kí nìdí? Mo kọ wọ́n sí ojú ìwé kan, mo fi àyè sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Níbo" kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, Àbújá ni ilé-ẹjọ́ náà wà. Nípa "ta ni", mo kọ "ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ".

"Nígbà wo" ni ẹ̀fọ́rí bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo iye ọjọ́ tó wà nínú ìròyìn kan ṣoṣo. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, tí Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun máa pààrọ̀ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà sí tuntun. Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, gbèdéke àkọ́kọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì, gbèdéke tí wọ́n sún un sí. Ọjọ́ 8 oṣù Kejì, àṣẹ ìdádúró. Ọjọ́ 16, ọ̀rọ̀ Ààrẹ. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin tí Ààrẹ dá fún igba náírà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ìdájọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ibi tí ilé-ẹjọ́ fi owó àtijọ́ dé. Ẹni tó kọ ìròyìn náà kò tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀. Ó fi ìdájọ́ sókè, ó padà sí oṣù Kejì, ó tún padà sí ọdún tó kọjá, ó wá fò wá sí oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni kí ohun tuntun ṣáájú, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré kà á á mú ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. "Àǹtí, ẹ sáà kọ gbogbo ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ fi nǹkan pamọ́." Mo ní rárá. Bí mo bá kọ ọjọ́ mẹ́jọ sílẹ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á wo ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, á sì sọ fún oníbàárà pé òun kò gba owó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. A jiyàn pẹ́. Iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì, a ṣì ń jiyàn.

Ohun tó yọ mí ni pé mo pa ìbéèrè "nígbà wo" tì, mo padà sí "kí ló ṣe". Mo bi ara mi pé ohun kan ṣoṣo wo ló ṣẹlẹ̀ lónìí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lánàá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé owó àtijọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́ owó. Mo fa ìlà sí abẹ́ "dájọ́". Lẹ́yìn náà ni mo mú àwọn ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó ṣe é. Báńkì Àpapọ̀ kéde. Báńkì sún gbèdéke. Ààrẹ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí kò bá jẹ́ ti "dájọ́" kì í ṣe ìdáhùn sí "nígbà wo", ìtàn ẹ̀yìn ni. Méjì péré ló ṣẹ́kù, ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ àti ọjọ́ tí ìdájọ́ náà máa gbéṣẹ́ dé. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí èkejì yìí gan-an ni "títí" tí ẹnì kan gé dànù lóṣù Kejì tó fi kó bá mi.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà là. Ìlà abẹ́ "dájọ́" yẹn tún tú "kí nìdí" sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ síbẹ̀ pé nítorí ayédèrú owó, nítorí pé owó tó wà níta báńkì ti pọ̀ jù, àti nítorí owó tí àwọn ajínigbé ń gbà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìròyìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí Báńkì Àpapọ̀ fi pààrọ̀ owó nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ kọ́ ló sọ ọ́. Ìdí tí ilé-ẹjọ́ fi dájọ́ wà nísàlẹ̀ ìròyìn: Ààrẹ kò bá àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ gbìmọ̀ kó tó pàṣẹ, àṣẹ náà sì tako òfin ilẹ̀. Bí a bá fi ìdí ti báńkì sábẹ́ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́, ńṣe ni yóò dà bíi pé ilé-ẹjọ́ fẹ́ kí ayédèrú owó máa tàn kálẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà.

Lórí "ta ni", mo tún yọ orúkọ kúrò. Ìròyìn náà sọ pé adájọ́ méje ló jókòó, Inyang Okoro ni olórí wọn, Emmanuel Agim ló sì ka ìdájọ́. Mo yọ wọ́n, mo tún ìlà náà kà, kò sí ìdáhùn kankan tó yí padà, nítorí náà wọn kò padà wọlé. Mo fi Kaduna, Kogi àti Zamfara sílẹ̀ ní tiwọn, torí pé láìsí ẹni tó pe ẹjọ́, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ẹni tí Ààrẹ kò bá gbìmọ̀.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà rèé:

"Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àbújá dájọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, pé 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, tí Kaduna, Kogi àti Zamfara ṣáájú wọn, ló pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ ní Ààrẹ kò bá àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ gbìmọ̀ kó tó pàṣẹ, àti pé àṣẹ náà tako òfin ilẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ kò tíì sọ ohunkóhun lórí rẹ̀."

Mo yangàn pẹ̀lú ẹ̀, n kò purọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ kà á sókè ní ìpàdé, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé "títí di ìgbà wo?"

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́ yẹn kò dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè márùn-ún. Mo fi sí i nítorí mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn mi máa fi ìròyìn náà ṣe. Ilé-ẹjọ́ lè dájọ́, kí àwọn báńkì máa wojú Báńkì Àpapọ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀pọ̀ báńkì àti ọlọ́jà kò gba owó àtijọ́, a sì ń gbọ́ èébú lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni Báńkì Àpapọ̀ tó jáde sọ pé kí àwọn báńkì tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Mo kọ àkékúrú mìíràn fún ìyẹn, torí pé "ta ni" ti yí padà, "kí ló ṣe" náà sì ti yí padà. Báńkì Àpapọ̀ ló pàṣẹ lọ́tẹ̀ yìí. N kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó kó owó inú dúrọ́ọ̀ mi lọ sí báńkì.

Ohun kan ṣì ń bí mi nínú. Nígbà tí ọdún 2023 ń lọ sópin, ẹnì kan tún gbé àkékúrú oṣù Kẹta tí mo kọ sórí Wáàsáàpù, ìpayà sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jà pé owó àtijọ́ máa kú lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá. Bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti tún pàṣẹ lọ́jọ́ 29 oṣù Kọkànlá pé kí a máa ná an lọ, wọn kò sì fi ọjọ́ kankan dé e mọ́. Ẹni tó gbé e kò gé nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Kò kàn sẹ́ni tó wò ó. Mo fi tuntun ránṣẹ́ kíá, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Èyí rọ́pò ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta." Láti ìgbà náà, bí ìròyìn kan bá yí èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ padà, gbólóhùn yẹn ni mo ń fi ṣáájú, kí n tó sọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó ṣe.