Káàdì mẹ́wàá lórí ìjà ogún: bí mo ṣe kà á láti ipò dé ipò

Ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń jà sí. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá náà bí. Èyí àgbà, obìnrin, ni ìwé ìhágún yàn ṣe alámòójútó. Ó fẹ́ kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí mẹ́ta bí ìwé ṣe wí. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá títí ìyá fi kú. Inú ilé náà ló ṣì ń gbé, ó sì ní òun ò kúrò. Èyí àárín, obìnrin, ló wá bá mi. Òyìnbó ni, ibi iṣẹ́ kan náà la wà, ó sì mọ̀ pé mo máa ń ka káàdì Tárọ̀ọ̀, káàdì aláwòrán tí a fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹni. Bí ẹ̀gbọ́n bá pè é, ẹjọ́ àbúrò ni yóò rò. Bí àbúrò bá pè é, ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ni.

Ìbéèrè tó gbé wá ni pé, "Ṣé ìjà yìí máa parí?" Mi ò tẹ́ káàdì lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú mi nìkan ni mo lè ka káàdì fún. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mò ń sọ, ìjà ni mo sì ń fi kún ìjà. A jọ tún ìbéèrè náà ṣe títí ó fi di: "Kí ni ipò mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ló sì wà lọ́wọ́ mi láti ṣe?"

Àgbélébùú Kẹ́ltíìkì, ọ̀nà kan tí a ń gbà tẹ́ káàdì mẹ́wàá, ni mo yàn. Arthur Edward Waite ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1910, láti máa lò ó pẹ̀lú káàdì 78 tí Pamela Colman Smith ya ní 1909. Káàdì yẹn náà ni mò ń lò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìjà ẹbí ni pé ó ya ipò keje sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń béèrè, ó sì gbé ipò kẹjọ, ilé àti àwọn tó yí i ká, lé e lórí. Nínú ìjà ẹbí, àárín nǹkan méjèèjì yìí ni okùn ti máa ń lọ́.

Káàdì kìíní wà láàárín, èkejì dábùú rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lókè, ẹ̀kẹrin nísàlẹ̀, ẹ̀karùn-ún lápá òsì fún ohun tó ń kọjá lọ, ẹ̀kẹfà lápá ọ̀tún fún ohun tó ń bọ̀. Mẹ́rin tó kù tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ka káàdì ló ń to ẹ̀kẹta sí ẹ̀kẹfà báyìí, nítorí náà mo máa ń dárúkọ ipò kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó po káàdì. Tí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí káàdì tó ń dẹ́rù bani bá jáde, ó rọrùn láti yí ipò padà kí ara lè tu ẹni tó wà níwájú mi. Waite máa ń kọ́kọ́ yọ káàdì kan sílẹ̀ láti dúró fún ẹni náà. Èmi kì í yọ ọ́, torí ó lè jẹ́ pé káàdì yẹn gan-an ló yẹ kó jáde. Mi ò sì ka káàdì tó bá dorí kodò lọ́tọ̀. Mo máa ń dá a dúró ni.

Èyí tó jáde ní ipò kìíní, ohun tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ni Idà Méjì. Obìnrin kan jókòó, aṣọ dì í lójú, ó gbé idà méjì lé àyà ní àgbélébùú, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun ló ti ní, "Èmi rè é." Ó ní láàárín àwọn méjèèjì lòun wà, òun ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó dè é lọ́wọ́ nínú àwòrán yẹn.

Owó Mẹ́wàá ló dábùú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: bàbá arúgbó kan jókòó pẹ̀lú ajá méjì, tọkọtaya àti ọmọdé wà lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Káàdì ilé, ogún àti ìran ni. Káàdì rere ní ipò ìdènà máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ káàdì kíkà lójú rú. Waite sọ ọ́ kedere pé ní ipò yìí, káàdì rere lè fi hàn pé ìdènà náà kò le, tàbí pé ohun tó dára fúnra rẹ̀ kò ní so èso rere nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ìtumọ̀ kejì ni mo mú, nítorí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ogún tí ìyá rò pé yóò so àwọn ọmọ òun pọ̀ ló wá dábùú àárín wọn.

Ìdájọ́ Òdodo wà lókè, ìyẹn ohun tó dára jù tí ọwọ́ lè tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wà. Idà lọ́wọ́ ọ̀tún, òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òsì. Mo sọ fún un pé kì í ṣe káàdì ìfẹ́, kò sì sọ pé wọ́n á dì mọ́ra. Ohun tó wà nítòsí jù ni kí nǹkan tọ́, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ti gbogbo wọn.

Ní ìsàlẹ̀, ní ìpìlẹ̀, Ife Mẹ́fà: ọmọkùnrin kan ń na ife tí òdòdó kún inú rẹ̀ sí ọmọbìnrin kékeré. Mo bi í pé kí ló rántí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní ìyá àwọn máa ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ̀gbọ́n ló sì ń se oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ń mú àbíkẹ́yìn lọ sílé ìwé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé. Báyìí, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àbíkẹ́yìn ló tọ́jú ìyá. Kò sẹ́ni tó tíì sọ pé ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ tọ́jú àbíkẹ́yìn. Ibẹ̀ la pẹ́ sí jù lọ́jọ́ náà, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìjà náà wà.

Ọ̀pá Mẹ́wàá wà lápá òsì: ọkùnrin kan tó gbá igi mẹ́wàá mọ́ra, ó tẹ̀ síwájú, kò rí ọ̀nà. Ẹrù ìtọ́jú ìyá ni, ó sì ti ń kọjá lọ. Ọ̀pá Mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún, igi mẹ́jọ tó ń fò lójú sánmà, kò sẹ́nì kankan nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ fẹ́ yára, lẹ́tà fẹ́ máa fò. Níbí ni mo ti fi káàdì sílẹ̀ díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1975 wà tó jẹ́ kí ẹni tó gbára lé olóògbé, tàbí ọmọ rẹ̀, lè bẹ ilé ẹjọ́ fún ìpèsè láti inú ogún, bí ìwé ìhágún kò bá ṣètò tó tọ́ fún un. Oṣù mẹ́fà ni àyè rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ láti pín ogún. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí ilé ẹjọ́ dìídì yọ̀ǹda. Mo ní kó lọ bá lọ́yà lórí ìyẹn. Káàdì kò lè ka ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Keje, òun fúnra rẹ̀: Idà Méje. Ọkùnrin kan ń yọ́ lọ kúrò ní àgọ́, ó kó idà márùn-ún, ó ń wẹ̀yìn, ó fi méjì sílẹ̀ ní dídúró. Káàdì ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ni, kò sì dùn ún sọ fún ẹni tó wà lójú ẹni. Mi ò pe ọmọbìnrin náà ní ọ̀dàlẹ̀. Mo tọ́ka sí káàdì kìíní, mo tọ́ka sí èyí, mo ní, "Idà méjì lo gbé láyà níbẹ̀. Idà méjì ló kù nílẹ̀ níbí. Kí lo kó lọ?" Ó wo tábìlì títí. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti sọ fún àbúrò pé òun ò ní fọwọ́ sí títa ilé, òun sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí ó máa bá títà lọ. Kí ojú má baà tì í níwájú ẹnì kankan ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wá dúró gangan lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹnì kankan ò sì fẹ́ yẹ̀.

Fún èmi, káàdì yìí ló dáhùn ìbéèrè náà. Àwọn tó kù ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni.

Ọbabìnrin Idà ló wà ní ipò ilé. Kíá ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, bó ṣe le nìyẹn." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Waite so Ọbabìnrin Idà mọ́ opó àti ọ̀fọ̀, mo sì bi í bóyá opó wà nínú ilé náà. Ìyá wọn ni. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Nígbà náà ni mo kà á pé ìyá ṣì ni olórí ilé: òun ló kọ ìwé ìhágún pé kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba, láìsọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ kankan, gbogbo wọn sì ń bá ọ̀rọ̀ tí kò sọ yìí jà.

Ọ̀pá Mẹ́rin ní ipò kẹsàn-án, ìrètí àti ìbẹ̀rù. Òdòdó tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, ayẹyẹ, ìpadà sílé. Kérésìmesì nínú ilé yẹn ló ń retí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń bẹ̀rù pé kò ní sí ilé náà mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni Owó Mẹ́ta: agbẹ́kùúta kan ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìsìn, àwọn méjì dúró tì í, wọ́n mú àwòrán iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta, ìwé kan, iṣẹ́. Mo kà á mọ́ Ìdájọ́ Òdodo tó wà lókè: ọ̀rọ̀ yìí lè dé orí tábìlì, níbi tí gbogbo wọn ti ń wo ìwé kan náà. Kò sọ ẹni tí ilé yóò bọ́ sí lọ́wọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí n tó kó o nílẹ̀, mo wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú káàdì mẹ́wàá, Ìdájọ́ Òdodo nìkan ni káàdì ńlá, ìyẹn èyí tí kò sí lára Idà, Ife, Ọ̀pá tàbí Owó, tó sì máa ń tọ́ka sí ohun tó ju agbára ẹni lọ. Ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà jù. Ife kan ṣoṣo ló jáde, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì wà: ìfẹ́ wà níbẹ̀, idà àti ọ̀pá ló bò ó. Àwọn ará ilé mi máa ń bi mí bóyá bí Ifá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí. Rárá o. Kò sí odù, kò sí ẹsẹ tí a kọ́ sórí, kò sí ẹbọ. Àwòrán àti ipò rẹ̀ la ní, pẹ̀lú ẹnu ẹni tó ń béèrè.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pa pọ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó ti sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ nípa oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n ń sè nígbà èwe wọn. Àbúrò bínú, kò dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n pè é, ó sunkún. Àbúrò ti lọ bá lọ́yà báyìí lórí òfin 1975 yẹn, ẹ̀gbọ́n ti gbà láti dá títà ilé dúró ná, wọ́n sì ti jọ yan onílàjà kan. Wọn ò tíì jókòó.