Bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí mánéjà iléeṣẹ́ tí ò kéde iṣẹ́

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí info@ o, ẹni tó ń ka ìyẹn kọ́ ló ń gbani síṣẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wá: tó bá jẹ́ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ lẹ fẹ́, mánéjà sítọ́ọ̀ ni. Ẹ wo LinkedIn tàbí wẹ́búsáìtì wọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn kan, ẹ wo bí wọ́n ṣe to orúkọ ẹ̀, ti mánéjà náà sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tó bá já sófo, ẹ pe fóònù iléeṣẹ́, kẹ́ ẹ béèrè.

Ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ dé kafé èyíkéyìí l'Ọlá-Ìyà l'Óṣogbo, ẹ máa bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé “mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ yòówù tó bá wà.” Iṣẹ́ yòówù kẹ̀! Mánéjà tí ò wá ẹnikẹ́ni, ṣé òun náà ló tún máa jókòó ronú ibi tó máa fi yín sí? Á ní kò sáyè, ó parí. Àwọn míì á wá to àdírẹ́sì iléeṣẹ́ ogún síwájú “To” nínú ímeèlì kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn á máa rí ara wọn.

Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí. Ká ní iléeṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ni (Òyìnbó lẹ máa fi kọ ọ́ o, mo kàn ń sọ ọ́ ní tiwa ni):

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí i pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sítọ́ọ̀ kejì. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà fún ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ n'Ígbọ̀nná, mo ń ka àpò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi wé rìsíìtì, òun la fi mọ ibi tí àpò ti ń sọnù. Mo mọ̀ pé ẹ ò kéde iṣẹ́. Ṣé mo lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nípa bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọjà sítọ́ọ̀ méjèèjì?”

Kò tọrọ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ṣòroó fún èèyàn, ẹni tí ò bá sì ráyè á lè darí ẹ̀ sí ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá kọ tiyín tán, ẹ yọ orúkọ iléeṣẹ́ yẹn, ẹ fi òmíì sí i. Tó bá ṣì bá a mu, ẹ tún un kọ.

Àkọlé: “Kíka ọjà ní sítọ́ọ̀ yín tuntun.” CV yín gbọ́dọ̀ jẹ́ PDF tó ní orúkọ yín lára, kì í ṣe fọ́tò bébà tẹ́ ẹ fi fóònù yà. Ẹ má sanwó fún kafé, Google Docs ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Àárọ̀ Tuesday ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí Monday ímeèlì ti kún wọn lọ́rùn. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ fèsì sábẹ́ ímeèlì yẹn kan náà, ìlà méjì péré, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò sáyè, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ béèrè ìgbà tẹ́ ẹ lè tún kọ̀wé.